Owó wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ṣé Ìyá Bọ́sẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀?

Inú ṣọ́ọ̀bù ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Obìnrin kan ń ta ìrẹsì àti òróró, ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Ìyá Bọ́sẹ̀. Ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, ọmọkùnrin kan wọlé, ó ra ọjà ₦18,500, ó ní táńsífà lòun máa fi san án. Ìyá Bọ́sẹ̀ kì í ṣe òpè. Wọ́n ti fi àlẹ́ẹ̀tì ayédèrú gba ọjà lọ́wọ́ aládùúgbò rẹ̀ rí, nítorí náà kò tilẹ̀ wo fóònù ọmọkùnrin náà. Fóònù tirẹ̀ ló dúró tì. Kò pẹ́, ó dún. Ó gbé awò sójú, ó kà á: orúkọ báǹkì rẹ̀ wà lókè, nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn àkáǹtì rẹ̀ pé, iye owó náà pé. Ó ní kí ọmọ náà máa gbé ọjà rẹ̀ lọ. Ó wá kọjú sí Bọ́sẹ̀ tó jókòó ti ìwé àkọsílẹ̀, ó ní, "₦18,500 ti wọlé sínú àkáǹtì mi lọ́sàn-án yìí. Kọ ọ́ sílẹ̀."

Ayédèrú ni àlẹ́ẹ̀tì yẹn. Ọmọkùnrin náà kò san kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an, àbúrò Ìyá Bọ́sẹ̀ tó wà ní Àkúrẹ́ fi owó aṣọ ẹbí tó ti jẹ ẹ́ láti oṣù tó kọjá ránṣẹ́. Èló lowó ọ̀hún? ₦18,500 géérégé. Owó náà wọlé wẹ́rẹ́, àmọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti há àlẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ mọ́ ọ̀nà.

Ẹ wá padà sórí ohun tí Ìyá Bọ́sẹ̀ sọ fún ọmọ rẹ̀. Ó ní ₦18,500 wọlé sínú àkáǹtì òun lọ́sàn-án yẹn. Òótọ́ ni, ó wọlé. Ó gbà á gbọ́ tọkàntọkàn, ọjà tó gbé fún ọmọlọ́mọ ni ẹ̀rí rẹ̀. Kò sì gbà á gbọ́ lásán, ó fara balẹ̀ yẹ àlẹ́ẹ̀tì wò ju bí ọ̀pọ̀ wa ṣe máa ń ṣe lọ. Síbẹ̀, bí mo bá bi yín pé ṣé ó mọ̀ pé owó wọlé, ẹ ó mi orí. Kò mọ̀. Ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni.

Ọ̀rọ̀ "kò mọ̀" tí ẹ sọ yẹn ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn onímọ̀ fìlọ́sọ́fì láti 1963 títí di òní.

Ìdí ni pé wọ́n ti ní àlàyé kan nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ nípa ohun tí ìmọ̀ jẹ́, àlàyé ọ̀hún sì dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta bí ààrò. Èkíní, ohun tí o sọ pé o mọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́. Kò sẹ́ni tó lè mọ̀ pé òjò ń rọ̀ nígbà tí òjò kò rọ̀, àṣìṣe la ń pe ìyẹn. Èkejì, ìwọ fúnra rẹ gbọ́dọ̀ gbà á gbọ́. Ẹ̀kẹta, o gbọ́dọ̀ ní ìdí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ tí o fi gbà á gbọ́, torí ẹni tó bá ń ta tẹ́tẹ́, tó kàn méfò, tí nọ́ńbà rẹ̀ sì já, a kò ní sọ pé ó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Òótọ́, ìgbàgbọ́, ìdí: bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé, wọ́n ní ìmọ̀ ti délẹ̀. Àwọn àgbà wa sì ti sọ pé ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù.

Plato, onímọ̀ fìlọ́sọ́fì ilẹ̀ Gíríìkì àtijọ́, ni wọ́n sábà máa ń fi ọ̀rọ̀ yìí sí lọ́rùn, àmọ́ ẹ̀sùn náà kò mọ́ tó. Nínú ìwé rẹ̀ tó ń jẹ́ Theaetetus, wọ́n dá àbá kan tó jọ ọ́, pé ìmọ̀ ni èrò tó jẹ́ òótọ́ tó sì ní àlàyé nídìí, ṣùgbọ́n kí ìwé náà tó parí, Socrates, olùkọ́ Plato tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, ti tú àbá ọ̀hún ká, kò sì rí òmíràn fi rọ́pò. Ẹ fi ìwé yẹn sọ́kàn, a ó padà síbẹ̀.

Ọkùnrin tó da ọbẹ̀ nù ni Edmund Gettier. Ọ̀dọ́ olùkọ́ ni ní Yunifásítì Wayne State ní ìlú Detroit, ní Amẹ́ríkà. Ní 1963, ó tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà tí wọ́n ń pè ní Analysis. Ojú ewé mẹ́ta péré ni. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé iṣẹ́ ló ń wá bó ṣe máa bọ́ sí i lọ́wọ́ pátápátá, àwọn ọ̀gá rẹ̀ sì ní kó wá nǹkan tẹ̀ jáde. Lẹ́yìn ojú ewé mẹ́ta yẹn, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ nǹkan kan síta mọ́ títí tó fi kú ní 2021. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ fún ìyẹn. Ẹni tó bá ti fọ ìkòkò báyìí, kí ló tún kù tó fẹ́ kọ?

Àpẹẹrẹ méjì ló wà nínú àpilẹ̀kọ náà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan. Smith àti Jones jọ ń wá iṣẹ́ kan náà. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ti sọ fún Smith pé Jones làwọn máa gbà. Smith sì ti ka owó ẹyọ tó wà lápò Jones ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá sẹ́yìn, mẹ́wàá ni. Ó wá parí èrò rẹ̀ báyìí pé: "Ẹni tí wọ́n máa gbà sí iṣẹ́ yìí ní owó ẹyọ mẹ́wàá lápò." Ó di ọ̀la, ó di ọ̀tunla, Smith fúnra rẹ̀ ni wọ́n gbà. Láìmọ̀, owó ẹyọ mẹ́wàá ló wà lápò tirẹ̀ náà. Ọ̀rọ̀ tó sọ já sí òótọ́, ó gbà á gbọ́, ó sì ní ìdí. Ààrò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé, ọbẹ̀ sì dà nù yẹ̀ẹ̀. Ẹ ti rí i pé Smith yìí àti Ìyá Bọ́sẹ̀, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Nǹkan méjì péré ni Gettier ní ká gbà fún òun kó tó lè ṣe iṣẹ́ yìí. Ó ní èèyàn lè ní ìdí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ láti gba ohun tí kì í ṣe òótọ́ gbọ́, bí ìgbà tí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ bá yí èrò rẹ̀ padà. Ó tún ní bí o bá ní ìdí fún ọ̀rọ̀ kan, tí o sì fi ọgbọ́n fa ọ̀rọ̀ mìíràn yọ láti inú rẹ̀, o ti ní ìdí fún ọ̀rọ̀ kejì náà nìyẹn. Kò sí èyí tó le láti gbà nínú méjèèjì. Ohun tó mú kó dun àwọn èèyàn nìyẹn.

Kì í sì í ṣe òun lẹni àkọ́kọ́ tó rí i. Ní 1948, Bertrand Russell ti sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó wo aago tó ti kú, tó sì jẹ́ pé wákàtí tí aago náà kú sí gan-an lẹni náà wò ó. Ìgbà tó jìnnà ju ìyẹn lọ, ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹjọ, Dharmottara, ọ̀mọ̀wé ẹlẹ́sìn Búdà kan ní Íńdíà, ti sọ nípa iná tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá láti fi sun ẹran. Èéfín kò tíì rú, ṣùgbọ́n òórùn ẹran ti pe kòkòrò jọ, wọ́n ṣú dùdù lókè. Ẹni tó wà lọ́ọ̀ọ́kán rí wọn, ó ní, "Èéfín nìyẹn, iná wà níbẹ̀." Iná wà níbẹ̀ lóòótọ́. Èéfín ni kò sí. Iṣẹ́ tí Gettier ṣe ni pé ó fi ìka kan ojú egbò ọ̀hún gan-an, pé àlàyé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni egbò yìí wà lára rẹ̀.

Kíá làwọn alátùn-únṣe dé. Lọ́dún kan náà, nínú ìwé àtìgbàdégbà kan náà, Michael Clark mú àtúnṣe tó rọrùn jù lọ wá. Ó ní kí ẹ wo ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ náà gbà dé orí Smith. Irọ́ wà lójú ọ̀nà: "Jones ni wọ́n máa gbà." Bí àwa náà bá wo Ìyá Bọ́sẹ̀, irọ́ wà lójú ọ̀nà tirẹ̀: "Ọmọkùnrin yìí ti sanwó." Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká fi ààrò kẹrin kún un, pé kò gbọdọ̀ sí irọ́ kankan láàárín àwọn ohun tí èèyàn gbé èrò rẹ̀ kà.

Ó dára, ó sì mú Smith àti Ìyá Bọ́sẹ̀ pọ̀. Àmọ́ ẹ wo àpẹẹrẹ tí Roderick Chisholm mú wá. Ọkùnrin kan dúró létí pápá, ó rí nǹkan funfun onírun jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀ kan, ó ní àgùntàn wà nínú pápá yìí. Ajá ni ohun tó rí. Àgùntàn kan sì wà nínú pápá náà lóòótọ́, ẹ̀yìn òkè ló wà, níbi tí ojú kò lè tó. Níbo ni irọ́ tó gbé èrò rẹ̀ kà wà? Kò ro nǹkan kan papọ̀. Kò sọ pé "nítorí pé báyìí, nítorí náà báyìí." Ó kàn là ojú rẹ̀, ó sì rí àgùntàn, bí ẹ̀yin náà ṣe ń rí ìjókòó tí ẹ wà lórí rẹ̀. Àwọn kan ń takú pé èrò wà níbẹ̀, pé ó kàn yá jù ni. Ṣùgbọ́n tí a bá ní gbogbo wíwò lójú ní irú èrò bẹ́ẹ̀ nínú, a ó máa wá irọ́ kiri nínú ohun tí èèyàn kò rò rí.

Ní 1967, Alvin Goldman gba ọ̀nà mìíràn wọlé. Ó ní ẹ fi ti èrò sílẹ̀ ná, ẹ wo ohun tó fa ìgbàgbọ́ náà. Bí mo bá mọ̀ pé nǹkan rí báyìí, ohun tó rí báyìí yẹn gan-an ló gbọ́dọ̀ wà nídìí bí mo ṣe gbà á gbọ́. Lójú tèmi, òun ni àtúnṣe tó wuni jù lọ nínú gbogbo wọn, torí ó bá bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ mu. Kí ló fà á tí Ìyá Bọ́sẹ̀ fi gbà pé owó wọlé? Ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ọmọkùnrin yẹn ni. Owó tó wọlé ní tòótọ́, láti Àkúrẹ́ ló ti wá, kò sì kan ìgbàgbọ́ rẹ̀ rárá. Ká ní àbúrò rẹ̀ kò fi nǹkan kan ránṣẹ́, ohun tí ì bá sọ náà ló sọ yẹn. Àgùntàn ẹ̀yìn òkè náà kọ́ ló fà á tí ọkùnrin yẹn fi sọ̀rọ̀ àgùntàn, ajá ni. Àtúnṣe yìí mú gbogbo wọn.

Goldman fúnra rẹ̀ ló wá fi hàn kedere pé kò tó, ní 1976. Àpẹẹrẹ tó lò, ó ní Carl Ginet ló sọ ọ́ fún òun. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Henry ń wa mọ́tò lọ ní ìgbèríko pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Ó ń tọ́ka sí nǹkan fún ọmọ: "Màlúù nìyẹn. Katakata nìyẹn. Àká nìyẹn," ilé ńlá tí àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ń kó koríko sí. Ojú ọjọ́ mọ́, ojú Henry sì dá ṣáká. Àká gidi ni ohun tó tọ́ka sí. Ṣùgbọ́n àgbègbè tí wọ́n wà yẹn, àwọn kan ti fi pákó kan iwájú àká sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà káàkiri, iwájú nìkan, kò sí ilé lẹ́yìn rẹ̀. Láti inú mọ́tò, wọn kò yàtọ̀ sí gidi. Henry kò mọ nǹkan kan nípa èyí. Nínú gbogbo ohun tó wà lẹ́bàá ọ̀nà yẹn, ẹyọ kan ṣoṣo tó jẹ́ ojúlówó ni ojú rẹ̀ bọ́ sí.

Àká gidi yẹn ló fà á tó fi gbà pé àká ni. Kò sí ajá tó ń díbọ́n, kò sí irọ́ lójú ọ̀nà. Síbẹ̀ ara ń kọ̀ láti sọ pé Henry mọ̀. Ká ní ó tọ́ka ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣáájú, pákó ni ì bá pè ní àká.

Àpẹẹrẹ yìí le ju ti Smith lọ, mo sì gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ pé ó ṣì ń dà mí láàmú. Ní ti Ìyá Bọ́sẹ̀, ohun tó bàjẹ́ wà láàárín òun àti òótọ́. Ní ti Henry, kò sí ohun tó bàjẹ́ láàárín òun àti àká náà. Àdúgbò ló bàjẹ́. Àwọn onímọ̀ mìíràn wà tí wọ́n sọ pé Henry mọ̀ jàre, kí ẹ fi í sílẹ̀. Àní ẹ̀yin tí ẹ ń kà á yìí, ẹ ó rí i pé ohùn yín kò ní ṣọ̀kan lórí Henry bó ṣe ṣọ̀kan lórí Ìyá Bọ́sẹ̀.

Ìbéèrè "ká ní" tí mo ti ń lò láti ẹ̀ẹ̀kan yìí ni Robert Nozick sọ di òfin ní 1981. Ìmọ̀, ó ní, a máa tọ òótọ́ lẹ́yìn bí ajá ọdẹ ṣe ń tọ ẹran: bí ọ̀rọ̀ náà kò bá jẹ́ òótọ́, o kò ní gbà á gbọ́, bó bá sì jẹ́ òótọ́, wàá gbà á gbọ́. Ẹ fi wọn Ìyá Bọ́sẹ̀. Ká ní ₦18,500 kò wọlé, ṣé ì bá ṣì gbà pé ó wọlé? Bẹ́ẹ̀ ni. Nítorí náà kò mọ̀. Henry ńkọ́? Ká ní kò sí àká níbẹ̀, pákó ló ṣeé ṣe kó wà níbẹ̀, á sì pè é ní àká. Òun náà kò mọ̀. Ó mọ́ tónítóní.

Saul Kripke ló wá fi ọ̀dà pupa bà á jẹ́. Ẹ jẹ́ ká sọ pé àká gidi tí Henry rí, pupa ni, àti pé àwọn tó ń kan pákó yẹn, fún ìdí kan ṣáá, kò lè kun pákó wọn ní pupa. Henry ní, "Àká pupa nìyẹn." Ká ní kò sí àká pupa níbẹ̀, ṣé ì bá gbà pé àká pupa ló wà níbẹ̀? Rárá, torí kò sí pákó pupa tó lè tàn án. Nípa òfin Nozick, Henry mọ̀ pé àká pupa ni. Ṣùgbọ́n ṣé ó mọ̀ pé àká ni? A ti dáhùn ìyẹn ṣáájú, a ní kò mọ̀. Ẹ wá gbọ́ ná: ọkùnrin yìí mọ̀ pé àká pupa nìyẹn, kò sì mọ̀ pé àká nìyẹn. Ẹni tó bá lè gbé ìyẹn mì, kó gbé e mì. Èmi kò lè gbé e mì.

Ernest Sosa, ní tirẹ̀, ní ká wo tafàtafà. Ọfà lè ba ibi tí wọ́n fojú sùn, ẹni tó ta á sì lè mọ ọfà ta, síbẹ̀ kó má jẹ́ pé mímọ̀-ọ́n-ta rẹ̀ ló mú kó bà á. Ó ta á dáadáa, atẹ́gùn gbé e yà, atẹ́gùn mìíràn tún gbé e padà bọ́ sójú ẹ̀. Ìmọ̀ ni ìgbàgbọ́ tó ba òótọ́ nítorí ọgbọ́n àti làákàyè ẹni tó ní in, kì í ṣe nítorí atẹ́gùn. Àlàyé yìí bá ìtàn ṣọ́ọ̀bù mu gan-an: ọmọ ayédèrú ni atẹ́gùn àkọ́kọ́, àbúrò Àkúrẹ́ ni èkejì. Ibi tí kò ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí a gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn. Bí mo bá dé ìlú tí mi ò mọ̀, tí mo béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́ tí mo bá pàdé, tó sì júwe rẹ̀ fún mi bó ṣe yẹ, ọgbọ́n ta ló ba òótọ́ níbẹ̀? Tirẹ̀ ni, kì í ṣe tèmi, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn á ní mo ti mọ ọ̀nà.

Ní 1994, Linda Zagzebski sọ ìdí tí àtúnṣe wọ̀nyí fi ń já lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá ti gbà pé àlàfo wà láàárín ìdí tí èèyàn ní àti òótọ́, bí ó ti wù kí àlàfo náà kéré tó, ẹnikẹ́ni lè se ọbẹ̀ Gettier fún yín. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sè é kò le. Ẹ mú ẹni tó ní ìdí tó dára gan-an. Ẹ ṣe é ní orí burúkú, kí ìdí náà ṣì í lọ́nà. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe é ní oríire, kí ọ̀rọ̀ náà padà já sí òótọ́ láti ibòmíràn.

Ẹ jẹ́ ká dán an wò lórí Ìyá Bọ́sẹ̀ tó ti gbọ́n sí i. Ó ní òun kò ní wo àlẹ́ẹ̀tì mọ́, áàpù báǹkì lòun máa ṣí. Ó ṣí i, owó àkáǹtì rẹ̀ ti fi ₦18,500 lé. Ìdí yìí dára ju ti àná lọ fíìfíì. Orí burúkú wá kọ lù ú: ẹ̀rọ báǹkì ló ṣe àṣìṣe, owó ẹlòmíràn ló ṣàfihàn rẹ̀ sórí àkáǹtì tirẹ̀. Oríire wá bá a: oníbàárà rẹ̀ ti sanwó ní tòótọ́, owó náà ti wọlé, áàpù ni kò tíì fi tirẹ̀ hàn. Ẹ tún lè mú un dé báǹkì fúnra rẹ̀ níwájú akọ̀wé tó ka orí ìlà tí kì í ṣe tirẹ̀. Kò sí ibi tí ẹ gbé e dé tí ẹnì kan kò ní fi ìṣẹ́jú márùn-ún wá àpẹẹrẹ tuntun.

Ọ̀nà àbájáde kan ṣoṣo tó kù lójú Zagzebski ni kí ẹ dí àlàfo náà pa, kí ẹ ní ìdí tó lè gbe irọ́ kì í ṣe ìdí rárá. Ìgbà yẹn, Gettier kò ní ríbi wọlé. Àmọ́ èèyàn mélòó ló tún máa mọ nǹkan kan láyé? Dókítà kò ní mọ ohun tó ń ṣe aláìsàn, èmi náà kò sì ní mọ̀ pé mọ́tò mi ṣì wà níbi tí mo gbé e sí.

Níhìn-ín ni mo ti fẹ́ mú ọ̀rọ̀ wá sílé díẹ̀, torí àwọn kan ti gbé e wálé ṣáájú mi. Barry Hallen àti Olúbí Ṣódípọ̀ jọ ṣiṣẹ́ ní yunifásítì Ifẹ̀, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ wá àwọn oníṣègùn lẹ́nu wò lórí ọ̀rọ̀ méjì yìí: mọ̀ àti gbàgbọ́. Ìwé tí wọ́n kọ lórí rẹ̀ jáde ní 1986. Ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn àgbà wọ̀nyí kì í pe ohun tí wọ́n gbọ́ ní ìmọ̀. Ohun tí o fi ojú ara rẹ rí, tí ọkàn rẹ sì jẹ́rìí sí, ìyẹn ni o mọ̀. Ohun tí wọ́n sọ fún ọ, tàbí tí o kà nínú ìwé, bó ti wù kí ẹni tó sọ ọ́ ṣeé fọkàn tán tó, ìgbàgbọ́ ni. Ọ̀rọ̀ tí a gbà gbọ́ lè di ohun tí a mọ̀, bí a bá lọ wò ó fúnra wa. Gẹ̀ẹ́sì kò le tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń sọ ọ́ máa ń ní òun mọ gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ òun níléèwé.

Ẹ wá fi òdiwọ̀n yìí wo Smith. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ló sọ fún un pé Jones ni wọ́n máa gbà. Kò rí i. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ó gbà á gbọ́ ni, kò mọ̀ ọ́n, kò sì sẹ́ni tó máa yà lẹ́nu pé ohun tó fà yọ nínú rẹ̀ kò di ìmọ̀. Ìyá Bọ́sẹ̀ náà, ọ̀rọ̀ tí fóònù sọ fún un ló gbà. Nítorí náà àwọn kan lè sán àyà pé Yorùbá ti borí Gettier kí wọ́n tó bí i.

Ẹ má tíì sán an. Plato ti rìn dé ibẹ̀ nínú Theaetetus tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn. Socrates sọ nípa àwọn tó ń dá ẹjọ́, tí agbẹjọ́rò fi ọ̀rọ̀ dídùn mú wọn gba òótọ́ gbọ́ nípa ìwà ọ̀daràn tí kò ṣojú wọn. Ó ní ẹni tó ṣojú rẹ̀ nìkan ló lè mọ̀ ọ́n; àwọn onídàájọ́ yẹn dá ẹjọ́ òdodo, ṣùgbọ́n láìní ìmọ̀. Oníṣègùn kan ní Ìjẹ̀ṣà tàbí Èkìtì ì bá gbà fún un lẹ́ẹ̀kan náà. Àmọ́ Henry náà rí i! Ojú ara rẹ̀ ló fi rí àká, kòrókòró, lọ́sàn-án gangan. Ọkùnrin etí pápá náà fi ojú rẹ̀ wo ohun tó pè ní àgùntàn. Ẹni tó wo aago tó ti kú, òun fúnra rẹ̀ ló wò ó. Fífi ojú ẹni rí i ti ilẹ̀kùn iwájú, ó ṣí ti ẹ̀yìn sílẹ̀. Ohun tí mo rò pé ó lè gba ìwọ̀n yìí là ni ẹ̀rí ọkàn tí àwọn àgbà yẹn fi kún un, àmọ́ ọkàn Henry jẹ́rìí sí i pẹ̀lú, láìfura.

Nǹkan mìíràn wà tó jẹ mọ́ èyí. Ní 2001, àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà sọ pé ó dà bíi pé àwọn èèyàn láti àṣà tó yàtọ̀ síra kì í dáhùn ìbéèrè Gettier bákan náà. Ọ̀rọ̀ náà gbóná fún ìgbà díẹ̀. Ìwádìí tó tẹ̀ lé e, tí Edouard Machery àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Bràsíì, Íńdíà, Jàpáànù àti Amẹ́ríkà, rí i pé ọ̀pọ̀ èèyàn ní ibi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sọ pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò mọ̀.

Timothy Williamson ló wá sọ, nínú ìwé tó tẹ̀ ní 2000, pé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ni kò dára. Ẹ ti ń gbìyànjú láti fi ìgbàgbọ́, òótọ́, ìdí àti nǹkan kẹrin po ìmọ̀, ó ní, bí ẹni po èkuru. Ta ló sọ fún yín pé pípò ni wọ́n ń po ó? Ó ní ìmọ̀ ló yẹ kó ṣáájú, kí a sì fi ṣàlàyé àwọn yòókù. Ìdí tí èèyàn ní kò ju ohun tó mọ̀ lọ. Ìyá Bọ́sẹ̀ mọ̀ pé fóònù òun dún, ó mọ̀ pé nọ́ńbà mẹ́rin tó wà nínú àtẹ̀jíṣẹ́ náà jọ tòun. Ibẹ̀ ni ẹ̀rí tó ní lọ́wọ́ pin sí. "Ọmọkùnrin yìí ti sanwó" kò sí lára rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní Williamson kàn sá fún ìbéèrè ni, torí kò sọ ohun tí ìmọ̀ jẹ́. Ẹ̀sùn náà ní òótọ́ díẹ̀ nínú, ṣùgbọ́n ẹni tó ti rí ogójì ọdún àtúnṣe tó ń já kò ní bú u jù.

Ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì dé. Fóònù Ìyá Bọ́sẹ̀ dún, ó gbé awò sójú, ó rí orúkọ àbúrò rẹ̀ àti ₦18,500, aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ó ṣí áàpù, ẹyọ owó kan ṣoṣo ló wọlé lọ́jọ́ náà. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó pe Bọ́sẹ̀, ó ní kó ṣí ìwé sí ojú ewé ọ̀sán. Wọ́n jọ kà á: "₦18,500 ti wọlé." Kò sí ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n ní láti pa rẹ́ nínú rẹ̀. Orúkọ ẹni tó san án ni Bọ́sẹ̀ fi bírò fà lá, ó sì kọ orúkọ àǹtí rẹ̀ sí i lórí, ìyá rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò iye ìrẹsì tó bá ọmọkùnrin yẹn lọ.